Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá: Ìtàn Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Kan Tó Ṣi Oògùn Fún

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó tì wá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì àti ọdún kẹta, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tó ti iṣẹ́ òru wá tààrà, mo rí yín, ẹ kú oorun. Bí ojú bá wúwo jù, ẹ dìde dúró lẹ́yìn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwà tó yẹ nọ́ọ̀sì nígbà tí àṣìṣe oògùn bá ṣẹlẹ̀. Mi ò ní ka òfin fún yín, ẹ ní in lọ́wọ́. Ìtàn ni mo mú wá. Èmi ni mo hun ún fún kíláàsì, kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "èmi" nínú ìtàn yìí, òun ni. Bí mo bá dá ìtàn dúró láti bi yín ní ìbéèrè, èmi arúgbó yìí nìyẹn.

Apá kìíní: abẹ́rẹ́ náà

Ọdún kejì mi ni, ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ní aago 6:55 àárọ̀ mo yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin wò. Ẹ̀rọ fi 10.2 hàn. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń tọ́jú fún un, ínsúlínì tó mọ́ gaara bí omi, irú èyí tí wọ́n ń fún ènìyàn kó tó jẹun, ni dókítà kọ fún un. Mo ṣí ìwé oògùn rẹ̀. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni 60.

Sístà tó ń mójú tó mi dúró tì mí. Ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá fún ènìyàn ní ínsúlínì, pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wò ó. Ó buwọ́ lu ìwé náà, ó ní, "Fà á kí n rí i." Kí n tó ṣí ìgò tán, wọ́n ti ń ké pè é láti bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, aláìsàn kan ń bì. Ó ní, "Mo ń bọ̀," ó sì sáré lọ.

Sírínjì kékeré tí a máa ń lò fún ínsúlínì ní wọ́ọ̀dù náà, 50 yúnìtì ni òpin rẹ̀. Ó ti tán láti òru. Èyí tó kù nínú dúrọ́ọ̀ ń gba 100. Mo fa oògùn títí dé orí ìlà 60, mo gbé e sókè síbi iná, mo ta á kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ó ju ìlàjì sírínjì lọ. Ojú mi rí i pé kò jọ èyí tí mo rí lọ́wọ́ Sístà lánàá, tó jẹ́ bín-íntín nísàlẹ̀. Nǹkan kan gún mi nínú. Ṣùgbọ́n ìwé ló wí bẹ́ẹ̀, Sístà sì ti buwọ́ lù ú. Ta ni èmi?

Mo bi Bàbá lórúkọ, mo wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, mo fún un ní abẹ́rẹ́ náà sí abẹ́ awọ ikùn. Aago 7:05. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ rọ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára."

Mo ju sírínjì sínú àpótí abẹ́rẹ́, mo bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Òun náà, ínsúlínì ni. Ọwọ́ dókítà kan náà ló kọ ọ́. Mo kà á: 120. Mo wo sírínjì tuntun tó wà lọ́wọ́ mi. 100 ni òpin rẹ̀. Mo tún un kà. Mo sún ìwé náà mọ́ ojú. Òdo tí mo rí níparí yẹn, orí rẹ̀ kò pàdé. Kì í ṣe òdo. Lẹ́tà U ni. Dókítà gé yúnìtì kúrú. 12U ló kọ.

Mo padà síbi ìwé Bàbá. 6U.

Aago ara ògiri ń lu 7:12.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí níwájú yìí, ta ni ẹ ti dá lẹ́bi? Mo gbọ́ "akẹ́kọ̀ọ́". Mo gbọ́ "Sístà". Ta ló tún kù? Dókítà. Ó dáa. Ta ló yẹ kó ra sírínjì? Kò sẹ́ni tó dá òun lẹ́bi.

Ẹ gbọ́. Nínú ínsúlínì tó wọ́pọ̀ jù, 100 yúnìtì ló wà nínú mìlílítà kan. 6 yúnìtì jẹ́ 0.06 mìlílítà, ẹ̀kán oògùn kan lásán. 60 jẹ́ 0.6. Ìlọ́po mẹ́wàá ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí fún Bàbá, orí àmì báírò kan tí kò pàdé lókè ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe U àti òdo yìí ti di ogbó. Ní 2004, àjọ Jọ́ínti Kọmíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìkékúrú tí kò gbọ́dọ̀ wọ ìwé oògùn mọ́ jọ, U yìí sì wà lára wọn: kí wọ́n kọ yúnìtì tán pátá. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó, U ṣì ń wọ ìwé.

Ẹ̀yin mọ ajere, ìkòkò tó ní ihò lára. Ẹ to ajere mẹ́rin léra. Bí ihò wọn kò bá ṣe déédéé, omi tó bá gba ti àkọ́kọ́ kọjá, èkejì á dá a dúró. Ìwé tí dókítà kọ ni ajere kan. Ìbuwọ́lù Sístà ni ìkejì. Sírínjì kékeré ni ìkẹta, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ààbò ni tẹ́lẹ̀: bó bá wà nílẹ̀ láàárọ̀ yẹn, 60 kò ní lè wọ inú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á dúró, á béèrè. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ìkẹrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ihò wọn ṣe déédéé.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ti ta ni àṣìṣe yìí, màá ní ti gbogbo wọn. Mi ò ní dá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lẹ́bi lórí abẹ́rẹ́ yẹn. Ohun kan péré ni mo ní bá a sọ níbẹ̀: nǹkan tó gún un nínú yẹn. Ó rí i pé oògùn náà kò jọ ti àná. Ojú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fún Bàbá lánàá àti níjẹta, ìlà méjì péré lókè. Bó bá gbé ojú sókè, á rí 6, á rí 6. Ìyẹn kò gba ìmọ̀ dókítà. Ó gba kéèyàn gbà pé ara òun kì í parọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́ ni mo ṣe pè yín wá síbí. Láti aago 7:12 lọ, ajere ti tán. Ó ku òun nìkan.

Apá kejì: ìṣẹ́jú mọ́kànlá

Mo lọ wo Bàbá. Ó ń to ìrọ̀rí rẹ̀. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àyà mi ń lù kìì bíi pé èmi ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Kì í ṣe oògùn ni mo ń ṣírò. Ta ló rí mi? Kò sẹ́nì kankan. Sírínjì ńkọ́? Ó ti wà nínú àpótí láàárín ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. Ìwé ńkọ́? Mi ò tíì kọ iye tí mo fún un sílẹ̀. Bí mo bá kọ 6, ohun tí dókítà kọ náà nìyẹn. Ìwé á mọ́ tónítóní. Bí ṣúgà rẹ̀ bá wá já, ta ni yóò fura? Ẹni tó ń gba ínsúlínì, ṣúgà rẹ̀ a máa já nígbà mìíràn. Wọ́n á ní bóyá kò jẹun tó.

Mo mọ̀ pé mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe ìkà. Mo ní n óò tún un ṣe fúnra mi. Mo wọ yàrá ìpèsè, mo bu glúkóòsì sínú ife omi, síbí méjì, mo tún bu ẹ̀kẹta. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìyẹ̀fun náà dà sórí tábìlì, mo fi apá aṣọ mi nù ún. Mo gbé e lọ bá Bàbá.

Ó ní, "Kí lèyí?"

Mo ní, "Omi ni, sà."

Ó mu ún, ó mu ìdajì, ó fa ojú ro. "Omi kọ́ nìyí. Ó dùn jù. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má mu nǹkan dídùn mọ́." Ó na ife náà sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yín o."

Mo gba ife. Mo gbìyànjú láti sọ pé kó mu ún tán, mi ò rí ìdí tí mo lè fi lé e lẹ́nu láì jẹ́ òtítọ́. Aago 7:23 ni mo dé ọ̀dọ̀ Sístà, pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi wo ife yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà.

Ọ̀pọ̀ yín ń rò ó pé, ó kúkú fún un ní glúkóòsì, kí ló tún kù? Àánú ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, àánú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìbòmọ́lẹ̀ sọ àánú náà dà. Bàbá ti kẹ́kọ̀ọ́ àìsàn rẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan dídùn kò dára fún òun. Láàárọ̀ yẹn, nǹkan dídùn gan-an ni ìyè rẹ̀. Nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó fi ọgbọ́n tí a kọ́ ọ kọ oògùn tó yẹ kó mu. Bí wọ́n bá ti sọ fún un, á mu ife náà tán, á tún béèrè òmíràn. Á máa ṣọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú: bí òógùn bá bò ó, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, á pe nọ́ọ̀sì. Irọ́ kékeré yẹn gba olùṣọ́ tó sún mọ́ ọn jù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn òun fúnra rẹ̀.

Ohun kejì, ẹ jẹ́ kí n bi yín: báwo ni glúkóòsì inú ife ṣe máa ń pẹ́ tó lára? Ẹ̀yin ọdún kẹta? Bẹ́ẹ̀ ni, kì í pẹ́. A máa ń fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já ní gíráàmù 15 sí 20, a ó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí a mọ̀ pé ó lè máà tó. Ínsúlínì yìí ńkọ́? Ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, agbára rẹ̀ ń ga jù láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, ó lè wà lára fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí ó bá pọ̀ tó báyìí lábẹ́ awọ, ó tún ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ife kan ní aago 7:20 kò mọ nǹkan kan nípa aago 9:30. Ní aago 9:30, akẹ́kọ̀ọ́ lè ti wà ní kíláàsì. Bàbá á sùn. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé oorun lásán ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ínsúlínì kò fún irọ́ ní ogún ọdún. Wákàtí méjì péré ló fún un.

Apá kẹta: ohun tó sọ àti ohun tí Sístà ṣe

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti tò ó lórí pé n óò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, n óò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí." Ẹnu mi là, ohun tó jáde ni: "Sístà, mo fún Bàbá bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní 60 yúnìtì. 6 ni wọ́n kọ. Aago 7:05."

Sístà kò pariwo. Ó ní, "Èyí tó mọ́ gaara yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ló wà nínú ife?" Mo sọ fún un. Ó ti ń lọ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ní 7:25 ṣúgà Bàbá jẹ́ 9.6. Sístà pe dókítà, ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ àárọ̀ Bàbá wá lójú ẹsẹ̀, kí n má dúró de àwọn tó ń pín in. Wọ́n wá iṣan, wọ́n ki abẹ́rẹ́ omi bọ̀ ọ́ nígbà tí kò tíì sí wàhálà, nítorí iṣan ẹni tí ara rẹ̀ ti tutù ṣòro ó rí. Lẹ́yìn náà, èmi ni wọ́n fi ṣe olùṣọ́ ẹ̀rọ: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń gún ìka Bàbá. 8.3. 7.0. Ní 8:10, 5.1. Ní 8:25, 4.2. Ó ti jẹun tán o, ó ṣì ń wálẹ̀. Ní 8:40 mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rin gbindin. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lára tèmi. Ó ní, "Ebi ń pa mí," ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. 3.4.

Dókítà fún un ní omi glúkóòsì onídá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mìlílítà 150, sínú iṣan. Ní 8:55 ó di 5.6. Wọ́n jẹ́ kí omi náà máa kán lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo pòtásíọ́ọ̀mù, nítorí ínsúlínì máa ń tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì lè dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ọkàn kò ní lù dáadáa mọ́. A ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú, a tún ṣọ́ ọ mọ́jú. Ọjọ́ kan kún ọjọ́ tí yóò lò lọ́dọ̀ wa.

Ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ fún Sístà. Aláìsàn wo, oògùn wo, mélòó, mélòó ló yẹ, aago mélòó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúnlẹ̀, tó sunkún, tó bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dárúkọ oògùn. Ẹ̀kọ́ ilé rere ni ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ lè dúró. Oògùn tó ti wọ ara kì í dúró.

Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì náà, ọ̀rọ̀ kan fún yín, ẹ má bínú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ Sístà kò ní "kí ló dé" nínú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ojú rẹ fọ́ ni?", ẹ rò ó wò, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ á sọ ọ̀rọ̀ ife náà fún un? Bí kò bá sì sọ ọ́, 9.6 tí wọ́n rí ní 7:25 á tàn wọ́n jẹ, torí glúkóòsì ìdajì ife wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan tó wọ̀n ló fà á jáde.

Apá kẹrin: ìwé ìròyìn àṣìṣe

Nígbà tí ara Bàbá balẹ̀, Sístà gbé ìwé ìròyìn àṣìṣe fún mi. Àlàfo mẹ́ta ló wà fún àkókò: ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ìgbà tí o mọ̀, ìgbà tí o sọ. Àkọ́kọ́, mo kọ 7:05, ó rọrùn. Ìkẹta, mo kọ 7:23. Mo wá dé ti àárín.

Mo kọ 7:20.

Mo wò ó. Ó dára lójú. Ẹni tó mọ̀ ní 7:20 tó sọ ní 7:23, ọmọ rere nìyẹn, ó rìn wá láti òpin wọ́ọ̀dù ni. Ta ló máa mọ̀? Mo ti jẹ́wọ́ ohun tó tóbi, ṣé ti kékeré yìí ni kò ní fò mí dá?

Mo fa ìlà kan gba orí 7:20, mo kọ 7:12 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ̀rọ̀ ife náà, àti pé mo sọ fún Bàbá pé omi ni.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Sístà ń kọ tirẹ̀ lórí ìwé mìíràn. Mo rí ìlà àkọ́kọ́: "Mo buwọ́ lu ìwé oògùn náà kí n tó rí sírínjì."

Ẹ dúró. Kí nìdí tí mo fi fi 7:20 yìí sínú ìtàn? Nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí i jù tí ènìyàn ń ṣubú lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé àwọn ti kọjá. Ìjẹ́wọ́ ìdajì dùn lẹ́nu. Ó ń jẹ́ kí á rí ìyìn olóòótọ́, kí á sì pa ibi tó dunni mọ́. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó ń ka ìwé náà láti tún wọ́ọ̀dù ṣe, ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn ni ìròyìn tó wúlò jù. 60 dípò 6 yóò sọ fún un pé kó ra sírínjì kékeré, kó sì ní kí dókítà kọ yúnìtì tán. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn wa. Ṣùgbọ́n 7:12 sí 7:23 sọ ohun mìíràn fún un: pé ní wọ́ọ̀dù yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé ẹ̀mí wà nínú ewu ṣì rò ó fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó lè la ẹnu. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ta ló ń bà á lẹ́rù? Bí ó bá kọ 7:20, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè.

Ẹnì kan á ní, ṣé ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn ló fa 3.4? Mi ò ní purọ́ fún yín láti mú ìtàn mi dùn. Ó ṣeé ṣe kí ṣúgà já bẹ́ẹ̀ náà bó tilẹ̀ sọ ní 7:12, torí 60 ti wọlé. Wọn ì bá kàn ti bẹ̀rẹ̀ omi ṣáájú. Àṣìṣe ẹnu pípamọ́ kò dúró lórí bóyá ó pa ènìyàn lára tàbí kò pa á. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, Bàbá wà nínú ewu tí ẹlòmíràn mọ̀, tí òun tó ni ara kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kí n tó kúrò níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò sùn fún òru mẹ́ta. Ní 2000 ni dókítà Albert Wu sọ ọ́ jáde pé òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ṣàṣìṣe ni ẹni kejì tí àjálù náà ń bá, lẹ́yìn aláìsàn. Ẹlòmíràn kò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn, wọ́n ní ó ń fi nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga aláìsàn. Èmi rí òtítọ́ nínú méjèèjì. Ẹ bá ẹni náà jókòó, ẹ má dá a padà sídìí kẹ̀kẹ́ oògùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Bàbá ṣáájú.

Apá karùn-ún: wọ́n, tàbí èmi?

Ní ọ̀sán, dókítà ní a gbọ́dọ̀ sọ fún Bàbá. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ wà níbẹ̀, ó ní kò pọn dandan. Mo tẹ̀ lé wọn. Dókítà jókòó, ó ní, "Bàbá, láàárọ̀ yìí wọ́n ṣèèṣì fún yín ní ínsúlínì tó pọ̀ jù."

Bàbá ní, "Àwọn wo?"

Ilé dákẹ́. Mo ní, "Èmi ni, sà. Ìlọ́po mẹ́wàá ni mo fún yín. Mo ka ìwé náà sódì. Omi tí mo sì gbé wá fún yín, glúkóòsì ni. Mo purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún "wọ́n" yìí. Èdè wa fún wa ní aṣọ tó fẹ̀ láti fi bo ara. Wọ́n ti fún un. Ó ti ṣèèṣì. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣeé sọ láìsí ènìyàn kan nínú rẹ̀. Dókítà yẹn kò ní èrò burúkú, ó fẹ́ dáàbò bo ọmọ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ mọ̀ pé ọwọ́ kan ló gún òun. Bí ẹ bá ń sọ fún aláìsàn, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, ohun tó lè ṣe sí i lára, ohun tí ẹ ti ń ṣe sí i, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí òun náà lè sọ̀rọ̀.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wò mí. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo ní, "7:12, sà."

"Ìgbà wo lo sọ?"

"7:23."

Ó wo aago ara ògiri bíi pé ó fẹ́ rí i níbẹ̀. Ó kọjú sí Sístà. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gún mi mọ́."

Sístà ní, "A ti gbọ́, sà." Kò bá a jiyàn. Èmi náà kò bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń fún un ní abẹ́rẹ́. Ní òwúrọ̀ tí yóò lọ ilé, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì tó mú sírínjì dání pé, "Dúró. Ka nọ́ńbà yẹn sókè, kí n gbọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Mẹ́fà, sà."

"Gbé e wá kí n rí i."

Ibi tí ìtàn mi parí sí nìyẹn. Ẹ̀yin kan ti ń retí pé kí Bàbá dárí jì í. Mo rí i lójú yín. Ẹ̀tọ́ Bàbá ni kó dárí jini, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni kó máà ṣe é. Bó bá ní kí ẹnì kan má fọwọ́ kan òun mọ́, ó ti parí. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ ẹ́.

Ó ku iṣẹ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ lè béèrè ìbéèrè. Abẹ́ àga yín, ẹ wò ó, ìwé ìròyìn àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Mo ti kọ ìtàn kúkúrú mìíràn sókè rẹ̀, oògùn ìrora ni, aláìsàn kò fara pa, kò sì sẹ́ni tó rí yín. Mo ti bá yín kọ àkókò tó ṣẹlẹ̀. Àlàfo méjì ṣófo nísàlẹ̀: ìgbà tí o mọ̀, ìgbà tí o sọ. Ẹ má kọ orúkọ. Ẹ mú báírò, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀yin fúnra yín yóò lò láàárín méjèèjì, kì í ṣe iye tó yẹ. Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì náà, ẹ̀dà tiyín wà níbẹ̀. Mo fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún.